Àbẹ̀kẹ́, àlọ ire o

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọ̀rẹ́ tó di ọmọ ìyá,

Mo mọ̀ pé ẹrù lò ń dì lọ́wọ́, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo fẹ́ kí o ka eléyìí kí a tó gbéra lọ sí Ìkẹjà lálẹ́ ọ̀la, torí tí a bá dé pápákọ̀ òfurufú, ẹkún ò ní jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ sọ.

Inú mi dùn dénú. Ojú mi ló ṣe, gbogbo òru tí o fi kàwé ní Yábàá, tí wọ́n á mú iná lọ, tí wàá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lò ń lọ jẹ. Ṣùgbọ́n àárò rẹ ti ń sọ mí báyìí.

Ṣé o rántí òjò ọjọ́ tí mo bímọ? Omi gba gbogbo Ojúẹlẹ́gba, dánfó kankan ò gbéra. Mo kàn rí ọ lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù ni, ṣòkòtò rẹ rin dé orúnkún, o fi tówẹ̀lì we fúláàsì ògì, o gbá a mọ́ àyà. Ìwọ ń gbọ̀n, ògì ṣì ń hó èéfín. Ta ló tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi?

Ní ti Màmá, fọkàn balẹ̀. Tí mo bá ti ra ẹja ní Òyìngbò lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀dọ̀ wọn ní Èbúté-Mẹ́ta ni mo máa yà sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, èmi ni n ó máa wò ó kó tó tán. Wọ́n á ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu. Mi ò ní dá wọn lóhùn.

Òtútù Wínípẹ̀gì ní Kánádà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ o. Kóòtù tí a rà ní Katangúà yẹn, kí o fi balẹ̀ ni. Tètè ra ojúlówó. Gàrí Ìjẹ̀bú àti ata gígún wà nísàlẹ̀ báàgì ńlá, mo ti fi ọ̀rá wé e dáadáa.

Nígbà òtútù, aago mẹ́sàn-án alẹ́ rẹ ni aago mẹ́rin ìdájí wa. Tí nǹkan bá ń dùn ọ́ lọ́kàn, má wò ó pé mo ti sùn. Jí mi. Má sọ fún mi pé kò sí wàhálà nígbà tí wàhálà wà.

Ọlọ́run á ṣáájú rẹ, á tún tẹ̀lé ọ. Ilẹ̀ àjèjì á gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. O ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé, o ò sì ní pàdé aburú. A ó tún fojú rinjú láyọ̀.

Tí o bá ti balẹ̀, kàn tẹ “mo ti dé” sí mi lórí Wasáàpù. Mi ò ní sùn títí n ó fi rí i.

Tìẹ nítòótọ́,
Títí