Pátákó ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì, Kábà

Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ kú iṣẹ́.

Mo ti jókòó ti Ìyá Ìbejì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ rántí pé wọ́n ní kí pátákó náà "tàn, kó rí bíi ti olówó, kí àṣà wa sì hàn níbẹ̀". Mo bi wọ́n léèrè títí ó fi yé mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí àṣà, torí ibẹ̀ ló gbẹgẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo pupa rárá, ẹ má sì wá àwòrán aṣọ ìpọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sìnkú ìjòyè ni ní ilẹ̀ Bùnú, eégún sì ń wọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ra aṣọ ìgbéyàwó àti ìkómọ ló ń wá bá Ìyá. Àgbàlagbà tó bá rí i lẹ́nu ọ̀nà yóò béèrè ẹni tó kú. Ìlà òró mẹ́ta létí òsì ti tó, bí etí aṣọ tí wọ́n hun: ofeefee 1 cm, funfun 2 cm, ofeefee 1 cm, kí àlàfo 1 cm wà láàárín wọn.

"Tàn" tí wọ́n ń wí, kì í ṣe dídán. Wọ́n fa àǹkárá kan yọ lórí pẹpẹ, aró dúdú tí òdòdó ofeefee wà lára rẹ̀, wọ́n ní, "Báyìí ni." Nítorí náà, ilẹ̀ pátákó: C100 M85 Y30 K35. Lẹ́tà: C0 M20 Y85 K0. Ẹ má fi òjìji sí lẹ́tà, ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ kan ṣàn wọnú èkejì.

Ti olówó, àlàfo ni. Pátákó tí wọ́n ń yìn ládùúgbò kò ní ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Ẹ má fi fọ́tò sí i.

Pátákó jẹ́ 244 × 122 cm. Ẹ fi 15 cm sílẹ̀ yíká. Inú ti òsì ni ìlà mẹ́ta yẹn máa wà. Ìlà ọ̀rọ̀ kìíní, AṢỌ ÌYÁ ÌBEJÌ, kí lẹ́tà ga ní 22 cm láìka àmì ohùn. Ìkejì, Àǹkárá àti léèsì, 14 cm. Nọ́ńbà fóònù, 13 cm. Ẹni tó wà lódìkejì títì, bíi mítà 15, gbọ́dọ̀ lè kà á; ẹ má jẹ́ kí ìlà ọ̀rọ̀ kankan kéré sí 13 cm.

Noto Sans Bold ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fa Ṣ àti Ọ tóbi lójú kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ rí i pé àmì ìsàlẹ̀ wọn kò fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì kan ìlà tó tẹ̀ lé e. Inú ń bí Ìyá tí wọ́n bá kọ "aso" fún aṣọ, wọ́n sì jàre.

PDF, CMYK, ìwọ̀n gidi, kẹ́ ẹ ti sọ lẹ́tà di àwòrán. Ẹ fi aró 5 cm kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n máa ká mọ́ férémù irin.

Ẹ kọ́kọ́ fi èyí tí kò ní àwọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Màá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, màá mú un lọ bá wọn, torí ojú fóònù wọn kéré.