Fídíò blẹ́ńdà ti ọjọ́ Sátidé: ata, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, àti ọ̀rọ̀ iyán

[Àbúrò mi, di fóònù mú lóòró, má dà á dùbúlẹ̀. Fi aṣọ nu ojú kámẹ́rà kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan la máa yà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, má dá a dúró, kí wọ́n lè rí i pé a ò gé nǹkan kan kúrò.]

Ẹ káàárọ̀ o, Èkìtì Kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Ìyá Ìbejì tó ń ta nǹkan ìdáná l'Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì níbí ni. Àwọn kọ́sítọ́mà mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n tan blẹ́ńdà yìí káwọn fojú ara wọn rí i, mi ò sì bá wọn wí, ẹni tí tiẹ̀ ti jóná rí, ẹ̀rù á máa bà á. Tèmi náà ti jóná rí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àwọn ìbejì, oṣù mẹ́ta péré ló lò, ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín ni mo kó sí i, omi ò tó, ó ń kùn lábẹ́ mi ò dá a dúró torí mo ń kánjú, àfi bí èéfín ṣe jáde, òórùn wáyà tó jóná gba gbogbo kíṣìnì. Owó yẹn dùn mí wọra. Torí ẹ̀ ni mi ò fi ń ta blẹ́ńdà fẹ́nikẹ́ni kí n má kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án.

[Sún mọ́ ọn. Jẹ́ kí wọ́n ka 500W tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ka ẹyọ kan títí dé márùn-ún kó o tó kúrò níbẹ̀.]

Ẹ wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, wọ́ọ̀tì 500. Jọ́ọ̀gì ẹ̀ ń gba lítà kan àbọ̀, ife kékeré yìí wà fún nǹkan gbígbẹ. Bọ́tìnì pupa tẹ́ ẹ ń wò lábẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn, àwọn èèyàn máa ń gbé blẹ́ńdà wá bá mi pé ó ti bàjẹ́ kò sì bàjẹ́, ó gbóná jù ló ṣe pa ara ẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá tẹ bọ́tìnì yẹn, ó máa dìde. Kì í ṣe gbogbo blẹ́ńdà ló ní in o, ẹ máa wo abẹ́ kẹ́ ẹ tó rà.

Ó yá, ata. Tòmátì márùn-ún, tàtàṣé mẹ́rin, rodo mẹ́fà, àlùbọ́sà kan, mo ti gé gbogbo ẹ̀ wẹ́wẹ́, mo sì ti yọ kóró tàtàṣé.

[Dúró sókè jọ́ọ̀gì, kí wọ́n rí inú.]

Tòmátì ló ń kọ́kọ́ wọlé. Òun ló lómi, òun lọ̀bẹ á kọ́kọ́ bá. Tẹ́ ẹ bá kó tàtàṣé sísàlẹ̀, ọ̀bẹ á kàn máa yí lásán ni, ata á há sókè, ẹ̀ńjìnnì á sì máa gbóná. Ìdajì kọ́ọ̀pù omi, mo dé e, mo gbé ọwọ́ lé ìdérí, mo tan án.

[Má sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdì ogójì.]

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó kọ́kọ́ ń dún gbàgà-gbàgà, ìyẹn ni pé ó ṣì ń bá ata jà, nígbà tó yá ó wá di rìììì. Tó bá ti di rìììì bẹ́ẹ̀, ó ti kúnná, ẹ pa á. Ẹ wò ó lórí ṣíbí, kò sí èèpo kankan. Ata tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ńkọ́? Ẹ má dà á sí i ní gbígbóná kẹ́ ẹ wá dé e, ooru ẹ̀ á ti ìdérí dànù, ó lè jó yín lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù.

Ẹ̀wà ló wá kàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti farabalẹ̀. Mo ti rẹ ẹ́ láti ìdájí, mo ti bó o. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ìlàjì jọ́ọ̀gì ti tó, omi gbọ́dọ̀ bá orí ẹ̀wà dọ́gba. Ìṣẹ́jú kan, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún tan án.

[Fi aago orí ògiri hàn wọ́n bó ṣe ń lọ.]

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ó ń pẹ́. Ìṣẹ́jú kan yẹn náà ló ń pa wáyà inú ẹ̀ mọ́. Tí ẹ̀wà bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ yọ ọ́ lára iná ná, kẹ́ ẹ tó ti ṣíbí bọ̀ ọ́, ẹ ò gbọdọ̀ kì ọwọ́ bọ̀ ọ́ láé, ọ̀bẹ yìí mú gan-an.

Ẹ̀gúsí, ife kékeré. Kó má kún jù, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ fi sílẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó máa yí lọ, epo ẹ̀ á jáde, á wá di pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Edé gbígbẹ náà, bákan náà ni.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ló kù yìí, “Ìyá Ìbejì, ṣé ó lè gún iyán?”

[Yí fóònù sí odó tó wà lẹ́yìn mi. Kò gbọdọ̀ mì.]

Rárá o. Mi ò ní parọ́ fún ọmọ Èkìtì torí kí n lè tajà. Ọ̀bẹ yìí ń gé ni, kò ń gún, iṣu tẹ́ ẹ bá dà sí i á di àtè, á máa fà tìrìtìrì, kò ní dùn lẹ́nu, á sì dá ẹ̀ńjìnnì yìí lágara. Odó ìyá mi rèé, Ìkéré ló ti gbé e wá. Iyán tiwa, inú ẹ̀ ló ṣì ti ń jáde lọ́jọ́ Sátidé, blẹ́ńdà á lọ ata ẹ̀fọ́ rírò àti ẹ̀gúsí tá a fẹ́ fi jẹ ẹ́, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi gúnyán wà lọ́tọ̀, ọ̀bẹ tiẹ̀ ò mú bí èyí, màá ṣe fídíò ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Iná ńkọ́? Tí gílóòbù yín bá ń ṣe bàìbàì, ẹ má tan án, iná tí ò tó máa ń jẹ́ kó gbóná. Jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré, áì-bẹ́tà-páàsì, lè gbé e, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pa fáànù àti tẹlifíṣàn, torí ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra ló máa ń fa iná jù.

Fífọ̀ ẹ̀ ò le. Omi, ẹ̀kán ọṣẹ kan, ẹ tan án fún ogún sẹ́kọ́ǹdì, ẹ dà á nù, ẹ yọ rọ́bà abẹ́ ọ̀bẹ, ẹ fọ òun náà, ibẹ̀ ni òórùn ata máa ń sá sí. Ìdí ẹ̀, aṣọ tútù lẹ máa fi nù ún, ẹ má rì í bomi.

[Gbé jọ́ọ̀gì sókè síwájú iná, kí wọ́n rí i pé ó ti mọ́.]

Náírà 38,000 ni, ife kékeré wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìkọ̀lé, Ìjerò, Ọ̀yẹ́, a máa ń gbé e sí páàkì fún yín, owó mọ́tò lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí mi lórí Wásáàpù, tàbí kẹ́ ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé ata yín dání ká jọ tan án kẹ́ ẹ tó sanwó.

[Ó ti tó. Pa á.]