Ẹ Káàbọ̀ sí Àdúgbò Wa: Lẹ́tà Alága Ẹgbẹ́ Onílé sí Àwọn Ayálégbé Tuntun

Ẹgbẹ́ Àwọn Onílé,
Agbègbè Bàsírì, Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejìlá, ọdún 2025.

Ẹ̀yin ará wa tuntun,

Ẹ kú abọ̀ o. Ẹ kú ẹrù kíkó, ẹ kú ilé títún ṣe. Ilé tuntun yìí á tù yín lára, ẹ ó fi ṣe rere, ẹ ó sì fi bímọ lé ọmọ. Ìdílé méjì kó wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìdílé kan wọ ilé ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́lùbọ́, àwọn agùnbánirọ̀ mẹ́ta sì gba yàrá nísàlẹ̀ òpópónà. Gbogbo yín ni mò ń kọ̀wé yìí sí, àgbà àti ọ̀dọ́, ẹni tó jẹ́ ọmọ Èkìtì àti ẹni tó wá láti ibòmíràn. Ilẹ̀ Ùyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe ìpínlẹ̀ wa, ọ̀nà tí a sì ń gbà gba àlejò wà lára ohun tó yẹ ká fi máa jẹ́ orúkọ náà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ní pàtàkì ni pé bí ọ̀rọ̀ kan bá dé bá yín ní àdúgbò yìí, ẹ má dá a gbé. Ẹ kọ́kọ́ bi wá. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó máa ń fa wàhálà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a ti mọ ojú rẹ̀ ní ibí, a sì mọ ẹni tí a lè rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi, nítorí pé ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọlé. Kànga mẹ́ta ni gbogbo wa jọ ń lò. Èyí tó wà lẹ́bàá ilé ẹlẹ́lùbọ́ ló jinlẹ̀ jù, òun nìkan ló sì máa ń fọkàn wa balẹ̀ nígbà tí oṣù kejì àti ìkẹta bá dé. Nígbà náà, tí ẹ bá ju garawa sínú àwọn méjì tó kù, ẹrẹ̀ pupa ni yóò bá a gòkè. Nítorí náà, láti oṣù kìíní títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀, a máa ń pín omi: kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin fún ìdílé kan láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Ìyá tó ń mójú tó kọ́kọ́rọ́ ìdérí kànga ń gbé nínú ilé aláwọ̀ omi ọsàn. Ẹ lọ kí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ó lè mọ ojú àwọn ọmọ yín. Ó le díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kànga, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún un, torí pé òun ni kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan dá dúró létí ibẹ̀. Ẹni tó bá ní agbára láti ra táǹkì, kí ó tètè rà á báyìí. Bí ẹ bá sì fẹ́ ra omi ọkọ̀, ẹ sọ fún mi kí a lè pe àwọn tí a mọ orísun omi wọn. Omi mímu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sè é.

Ọ̀rọ̀ iná ló tẹ̀ lé e, òun náà ló sì máa ń bí àwọn ayálégbé nínú jù. Kí ẹ tó san owó kankan, ẹ wo mítà tó wà lára ilé yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bi onílé yín bóyá gbèsè ẹni tó kó jáde wà lórí rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé tí gbèsè bá wà lórí mítà, wọ́n lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tí ẹ bá fi ra iná, ẹ ó sì máa rò pé mítà náà ń sáré. Gbèsè tí kì í ṣe tiyín, ọ̀rọ̀ onílé ni. Bí onílé bá ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi, a ó jọ jókòó yanjú rẹ̀. Nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ ẹyọ 20 ni yóò jáde tí ẹ bá ra iná sórí mítà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì rẹ̀.

Tí iná bá lọ nínú ilé kan péré, ẹ wo fíúsì àti wáyà ilé yín ná. Tí ó bá jẹ́ gbogbo òpópónà ló ṣókùnkùn tí òdìkejì sì ní iná, tiransifọ́má ni, akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò sì kọ̀wé lórúkọ gbogbo wa. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má gun òpó, kí ẹnikẹ́ni má sì dá owó fún ọmọkùnrin tó bá ní òun lè so wáyà pa dà. Iná kì í mọ ẹni rere. BEDC ló ń pín iná fún wa, ọ́fíìsì wọn ni a ó sì kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí wọn kò bá dáhùn, láti ọdún 2024 ni àkóso ọ̀rọ̀ iná ní Èkìtì ti kúrò lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjọ tí ìpínlẹ̀ wa gbé kalẹ̀, ibẹ̀ ni ẹjọ́ wa yóò gbà lọ. Ẹ lè máa gbọ́ ohun tó yàtọ̀ lẹ́nu àwọn tó ti pẹ́ níbí, torí pé ìyípadà náà kò tíì dé etí gbogbo ènìyàn.

Ní ti ààbò, ọlọ́dẹ méjì la ní. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni géètì òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa ń tì. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń fi irin lu òpó iná lóru, ẹ má bẹ̀rù, Bàbá Ọlọ́dẹ ló ń lọ yíká. Lílù ẹ̀ẹ̀kan fún aago kan, méjì fún aago méjì. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń mú kó pẹ́ dé, bíi nọ́ọ̀sì àti awakọ̀, kí ó mú orúkọ àti àkókò rẹ̀ wá fún mi, àwọn ọlọ́dẹ yóò ṣílẹ̀kùn fún un láìsí ariwo. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójijì, 112 ni kí ẹ pè, kò gba owó kírẹ́dìtì. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn náà ń dáhùn, nọ́ńbà wọn àti ti àwọn ọlọ́pàá wà lára pátákó tó wà lẹ́nu géètì, tèmi náà wà níbẹ̀.

Owó ààbò jẹ́ ₦1,500 lóṣù fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ kò ní san ti oṣù yìí, ẹ fi tún ilé ṣe. Akápò ẹgbẹ́ nìkan ló ń gba owó, rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀ ló sì máa ń fún yín. Ẹnikẹ́ni tó bá wá lórúkọ ẹgbẹ́ láìmú rìsíìtì lọ́wọ́, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ kan tí àwọn kan lè máa retí pé alága àwọn onílé kò ní sọ. Onílé kankan kò ní ẹ̀tọ́ láti yọ ilẹ̀kùn ayálégbé, láti ká òrùlé, tàbí láti da ẹrù ẹnikẹ́ni síta. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, oṣù mẹ́fà ni òfin ní kí onílé fi ṣe ìkìlọ̀ fún un kí ó tó ní kó kó jáde, àyàfi tí ìwé àdéhùn tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí bá sọ ohun mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọjọ́ méje yóò tún wà, kóòtù nìkan ló sì lè pàṣẹ pé kí ó jáde. Èmi fúnra mi ni mo ń ka èyí sí etí àwọn onílé ní ìpàdé. Ẹ̀yin náà, ẹ gba ìwé àdéhùn àti rìsíìtì owó ilé lọ́wọ́ wọn, ẹ san owó yín lásìkò, tí ọ̀rọ̀ bá sì le, ẹ má jẹ́ kó di ìjà kí ẹ tó pè mí. Ọ̀pọ̀ ìjà onílé àti ayálégbé ni mo ti rí tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gba ilé, tí kò sí ẹni tó rántí ohun tí wọ́n jọ sọ.

Ìdọ̀tí: ẹ dì í sínú báàgì, ẹ gbé e sẹ́nu géètì láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọkọ̀ yóò kó o. Ẹ má dà á sí gọ́tà. Ẹ má sì dáná sun ún ní àsìkò ọyẹ́ yìí, torí koríko ẹ̀yìn òpópónà ti gbẹ pátápátá, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́.

Bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìpínlẹ̀ wa wà nínú Adó níbí. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ibùdó ìlera ìjọba tó sún mọ́ wa ti tó, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ lóyún, aya mi ti ní kí n sọ fún yín pé òun yóò mú yín lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ má baà máa wá ọ̀nà. Ọjà Bisi dára fún aṣọ àti ohun èlò ilé, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀fọ́, iṣu àti ata, ẹ lọ sí Ọjà Ọba nítòsí ààfin Ewì, ẹ jí lọ ní kùtùkùtù. Àwa Èkìtì fẹ́ràn iyán, ẹ ó máa gbọ́ odó káàkiri. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé gún tiyín, nítorí ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ yín.

Ìdìbò gómìnà Èkìtì ń bọ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, 2026. Ẹni tí káàdì ìdìbò rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ibòmíràn, tó sì fẹ́ gbé e wá síbí, kí ó tètè lọ bi àjọ INEC, torí òfin ní kí ìforúkọsílẹ̀ dúró ó kéré tán 90 ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ti òṣèlú, a kì í bi ẹnikẹ́ni pé ta ló fẹ́ dìbò fún.

Ìpàdé wa máa ń wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé mi. Ti oṣù yìí bọ́ sí ọjọ́ kẹfà. Kì í ṣe àwọn onílé nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ayálégbé náà ń sọ, a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá, kí a mọ ojú ara wa. Ẹni tí kò bá lè wá, kí ó yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Mo máa ń wà nílé títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Èmi ni tiyín nínú ìrẹ́pọ̀,
Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Onílé.

Àfikún: Àwọn agùnbánirọ̀ wa, akọ̀wé ẹgbẹ́ ní àga méjì àti sítóòfù kan tí òun kò lò mọ́. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.