Nọ́mbà Kẹsàn-án

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí ìwé náà, nínú ọ̀rá tí mo ń kó rìsíìtì iná sí, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù Kẹsàn-án 2025. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń ka àgírímẹ́ǹtì. Iye kọ́ṣọ̀n tí mo san ni mo fẹ́ wò, kí ejẹ́ǹtì má baà já a mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti ríṣẹ́ tíṣà sí Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, mo sì ti di ẹrù tán, ó ku sítóòfù àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn.

Kọ́ṣọ̀n wà ní nọ́mbà kẹjọ: 30,000 náírà. Ojú mi kàn yọ̀ bọ́ sí nọ́mbà kẹsàn-án ni.

Ó ní bí ayálégbé kò bá fi ìwé lé onílé lọ́wọ́ pé òun ń kó lọ, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún rẹ̀ tó parí, ó ti gba ilé fún ọdún mìíràn nìyẹn. Owó ọdún náà yóò di gbèsè lọ́rùn rẹ̀, pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún lórí, kọ́ṣọ̀n rẹ̀ kò sì ní padà mọ́. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀, bírò búlúù, pẹ̀lú ìlà gígùn kan tí mo fà sídìí rẹ̀ bíi ti gómìnà.

180,000 ni mo san lọ́dún tó kọjá. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì: 216,000. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ni gbogbo wa kó wọlé, nítorí ilé tuntun ni, yàrá mẹ́jọ, ọ̀dà ṣì ń rùn lára ògiri. Òní gan-an ni ọdún yóò parí.

Mo pe ejẹ́ǹtì.

“Tíṣà, ìwé lásán nìyẹn,” ó ní. “Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásàpù, ó ti parí.”

“Ṣé ẹ lè kọ ọ́ sórí Wáásàpù náà pé ìwé lásán ni?”

Ló bá ní òun ò gbọ́ mi dáadáa mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège.

Ọkùnrin kan wà ní Ọ́ńdà Jíì, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tó máa ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ LAUTECH. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń hu bí ẹni tí ebi ń pa nígbà tí mo dé. Ó ka nọ́mbà kẹsàn-án lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú rẹ̀.

“Ká ní wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ nótíìsì ì bá yàtọ̀. Ẹni tó ń san owó ọdún, oṣù mẹ́fà ni òfin máa ń kà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ti jọ kọ tiyín, tiyín náà ni wọ́n máa kà sí yín létí. Ẹ̀dà méjì ni ká tẹ̀. Kí bàbá onílé mú ọ̀kan, kí wọ́n buwọ́ lu èkejì, kí wọ́n kọ déètì àti aago sí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbàgbé aago.”

Ìlà mẹ́ta péré ni lẹ́tà náà. “Ẹ jọ̀wọ́ sà, n kò ní gba yàrá kẹrin fún ọdún mìíràn. Ọdún mi parí lónìí, 30 oṣù Kẹsàn-án 2025. Kọ́kọ́rọ́ yóò dé ọwọ́ yín, mo sì ń retí kọ́ṣọ̀n mi.” Mo fẹ́ fi ìkíni àti àdúrà sí i, ó ní kí n fi àdúrà sẹ́nu.

Òjò bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀kadà ṣe ń kọjá Tákíè. Inú bùláòsì ni mo ki lẹ́tà sí, nínú ọ̀rá búrẹ́dì, títí a fi dé Òkè Ẹlẹ́rin. Bàbá ò sí nílé. Wọ́n ti lọ sóko lọ́nà Ìkòyí láti àárọ̀, fóònù wọn kò sì lọ. Ìyáálé wọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n ń jọ èlùbọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tẹ̀ka síbí, pé mo mú ìwé wá.”

Ìyá wò mí, wọ́n wo ìwé, wọ́n ń jọ èlùbọ́ wọn lọ.

“Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ka sí ìwé rí, ọmọ mi. Wọ́n ní owó àjẹmọ́nú ẹgbẹ́ ni. Ewúrẹ́ mẹ́rin ni mo tà láti fi san gbèsè ẹni tí mi ò mọ̀. Jókòó. Bàbá rẹ máa dé.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi tí mo kàwé gan-an, ṣé mo ka tèmi? Mo jókòó, mo gba ajọ̀ lọ́wọ́ wọn. Agogo méje lù. Ìyá gbé ọkà fún mi pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, n ò lè jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Agogo mẹ́jọ. Mo ń ronú ọjọ́ òmìnira tó ń bọ̀ lọ́la, gbogbo ìlú yóò wà ní họlidé, èmi nìkan ni wọn óò tún so mọ́lẹ̀.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá kí máṣìnnì bàbá tó dún. Ẹrẹ̀ bò wọ́n dé orúnkún. Mo kúnlẹ̀, mo na ìwé. Wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì ka á, wọ́n yí i padà bóyá nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀.

“O ń kó lọ, ó dáa. Kí ló dé tí kò lè di ọ̀la?”

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọn ò mọ̀.

“Nítorí àgírímẹ́ǹtì ni, sà.”

“Lọ́yà ló ṣe é. Mo sanwó, ó kó o fún mi, mo kó o sí àpótí. Kí ló wà níbẹ̀? Kà á.”

Ká ní mo fẹ́ purọ́, ibẹ̀ ni. Ta ni yóò mú mi? Ṣùgbọ́n ẹnu mi ń kà á bó ṣe wà, nọ́mbà kẹsàn-án láti òkè délẹ̀, mo sì ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà. Bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gba ẹnu wọn.

“Ìyẹn ni pé ká ní o sùn lálẹ́ yìí, mo ti rí owó he?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá fi ní kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba bírò, wọ́n buwọ́ lù ú. Mo ní kí wọ́n dákun kọ aago. Wọ́n wò mí pẹ́ kí wọ́n tó kọ ọ́: 9:40 alẹ́. Ẹrẹ̀ oko ya ìka wọn sí igun ìwé náà.

Mo ti dé ẹnu géètì kí wọ́n tó pè mí.

“Tíṣà. Yàrá méje ló kù níbẹ̀. Ohun tí o kà fún mi yẹn, má máa kà á kiri o.”

“Ẹ ṣeun, sà. Ó dàárọ̀.”

Agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú ogún ni ọ̀kadà já mi sílẹ̀. Iná ò sí, gbogbo ilé dúdú. Ṣínà ní yàrá karùn-ún ti ta bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lòun ń lọ sí Èkó. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ó fi dáhùn.

“Àǹtí, ṣé kò sí o?”

“Àgírímẹ́ǹtì rẹ dà? Wọ ṣòkòtò. Ṣé o ní bírò?”