Bí mo ṣe máa ṣíde ọ̀rọ̀ mi láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ìfaradà náà, torí èmi lẹni karùn-ún tó máa di maikirofóònù yìí mú látàárọ̀, àárín yín ni mo sì jókòó sí, mo mọ bí àga yẹn ṣe ń le sí i. Mo ti ní kí wọ́n pa prójẹ́kítọ̀. Síláìdì mọ́kànlélógójì ni mo gbé wá, ẹ ò tíì ní rí ìkankan, ẹni tójú ń kùn lè dijú ẹ̀, etí nìkan ni mo fẹ́ yá.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1999. Ọkọ̀ òfuurufú kan tí NASA rán lọ sí Mars, Mars Climate Orbiter lorúkọ ẹ̀, kò sí èèyàn nínú ẹ̀, ó ti rìn fún ọjọ́ 286 kó tó débẹ̀. Ó yí gba ẹ̀yìn Mars lọ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ láti ilé ayé wá ń retí kó yọ lódìkejì kó sì fọhùn. Wọ́n retí, wọ́n retí. Kò fọhùn mọ́ títí dòní.

Ẹ́ńjìnnì ò kọṣẹ́ o, kò sì sẹ́ni tó ba nǹkan jẹ́. Sọ́fítíwià àwọn kan ló ṣírò agbára tó ń ti ọkọ̀ náà ní pọ́n-ùn, àwọn tó gba nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ wọn sì kà á bíi níútọ̀n, tó jẹ́ ìwọ̀n agbára míì, bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn kan ju níútọ̀n mẹ́rin lọ. Wọ́n ṣètò pé kó gba nǹkan bíi kìlómítà 226 lókè Mars kọjá, ìgbà tí wọ́n padà ṣírò ẹ̀, 57 ló gbà, ó ti sún mọ́ ọn jù.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé àwọn kan ti rí i tipẹ́ pé nǹkan ò bára mu. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́, wọ́n ń fi íméèlì bára wọn sọ ọ́, àmọ́ kò dé ibi tí wọ́n ti máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìṣòro tẹ́nì kan gbọ́dọ̀ yanjú.

Kí ló kan àwa tí à ń kó ẹrù síta àtàwọn tó ń ṣírò owó ẹ̀? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, méèsééjì kan wọlé sórí fóònù mi: "200 ti dé." Mo wò ó títí. 200 kí ni? Páálí ni àbí ẹyọ? Mi ò bèèrè o, mo kàn fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó kàn, bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fún un. Èmi tí mo dúró síbí yìí o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fóònù yín. Ẹ wá nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka míì kẹ́yìn. Ẹni tó bá kọ páálí tàbí ẹyọ tàbí kílò sí i, kó nawọ́.

Mo ń wò yín o.

Ó dáa, ẹ bá mi tan prójẹ́kítọ̀ yẹn.