Ìdáhùn lórí àlùgọ́rídìmù inú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́

Àbúrò mi, mo rí fọ́tò náà. Òjìji ọwọ́ rẹ bo igun ìsàlẹ̀ pátákó, àmọ́ ohun tí mo rí kà nìyí:

```
s = 0
i = 1
while i <= n:
    for j in range(i):
        s = s + 1
    i = 2 * i
```

Mo kà á pé ìlà tó kẹ́yìn bá `for` dọ́gba. Bó bá jẹ́ inú `for` ni olùkọ́ yín kọ ọ́ sí, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Ìbéèrè náà ni iye ìṣísẹ̀ tí àlùgọ́rídìmù yìí ń gbé bí n ṣe ń tóbi sí i, o sì kọ n log n, níbi tí log jẹ́ ti ìpìlẹ̀ 2. Mo mọ bí o ṣe dé ibẹ̀: `while` ń yí ní ìwọ̀n log n ìgbà, `for` lè yí dé n ìgbà, o wá sọ wọ́n di púpọ̀. Lóòótọ́, iṣẹ́ náà kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n o ti ka gbogbo ìyípo bíi pé wọ́n tóbi bákan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyípo tó kẹ́yìn nìkan ló lè tó n. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀, èyí tó tún ṣáájú ìyẹn jẹ́ ìdámẹ́rin.

Jẹ́ ká kà á. Bí n bá jẹ́ 16, i máa jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16. Iye ìgbà tí `s = s + 1` ṣiṣẹ́ ni 1+2+4+8+16 = 31. Fi 1 kún un kí o rí ìdí rẹ̀: 1 àti 1 di 2, 2 àti 2 di 4, 4 àti 4 di 8, títí tó fi di 32. Yọ 1 tí o fi kún un kúrò, ó ku 31.

Fún n èyíkéyìí tó tó 1, jẹ́ kí 2^k jẹ́ agbára 2 tó tóbi jù lọ tí kò ju n lọ. Nígbà náà:

```
1 + 2 + 4 + ... + 2^k = 2^(k+1) - 1
```

Nítorí pé 2^k ≤ n, àròpọ̀ yìí kò ju 2n − 1 lọ. Nítorí pé 2^(k+1) ju n lọ, kò lè dín sí n. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló fún wa láṣẹ láti kọ Θ, tó ń fi òpin òkè àti ti ìsàlẹ̀ hàn, dípò O, tó ń fi òpin òkè nìkan hàn.

Ìlà yòókù kò wúwo: ìlà méjì àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan, àyẹ̀wò `while` wáyé ní k+2 ìgbà, `i = 2 * i` ní k+1 ìgbà. Bí o bá ka ìṣísẹ̀ `for` fúnra rẹ̀ náà, ó kàn máa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ àròpọ̀ tòkè di ìlọ́po méjì ni. Ìdáhùn rẹ ni Θ(n).

Bí n bá jẹ́ 1000, `s` máa parí sí 1023, nígbà tí n log n lé ní 9,900. Ṣe é lórí kọ̀ǹpútà rẹ, kí o sì lọ wo pátákó náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ìlà tó kẹ́yìn yẹn.