Ẹ Dá Owó Oṣù Mẹ́ta Tí Ẹ Gbà Lẹ́yìn Tí Mo Ti Kúrò Padà

Ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, 2025

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Bójú Tó Ẹ̀sùn Oníbàárà.

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Nọ́ńbà oníbàárà: 40713358
Nọ́ńbà ìfagilé: FG-208164

Owó mi tó wà lọ́wọ́ yín ni mo ń béèrè. Owó oṣù mẹ́ta ni, ẹ sì gbà á lórí káàdì mi lẹ́yìn tí ẹ̀yin fúnra yín ti kọ̀wé sí mi pé n kì í ṣe oníbàárà yín mọ́.

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, mo fagi lé ìforúkọsílẹ̀ mi fún ibi ìpamọ́ fáìlì yín. Ojú ìwé tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un lórí ìkànnì yín ni mo gbà. Kò pẹ́ rárá tí ímeèlì yín fi wọlé, ohun tó sì wà níbẹ̀ nìyí: “A ti fagi lé ìforúkọsílẹ̀ yín. Yóò parí ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹta, 2025. A kò ní gba owó kankan lórí káàdì yín mọ́.” Mo kó fáìlì mi kúrò, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́ kejì tí ìforúkọsílẹ̀ náà parí gan-an, ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ẹ yọ owó. Ẹ tún yọ ọ́ ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, àti ní ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún yìí.

Nígbà tí mo pè yín, ẹni tó dá mi lóhùn ní mo pẹ́ kí n tó fagi lé e, pé ẹ̀rọ ti ṣètò owó oṣù tó ń bọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni mo fagi lé e, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta sì ni ọjọ́ owó. Èwo ni pípẹ́ níbẹ̀? Ká tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, owó oṣù Kẹta nìkan ni àlàyé yẹn lè gbè. Ta ló ṣètò ti oṣù Kẹrin àti ti oṣù Karùn-ún? Ẹlòmíràn tó kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà ní bóyá mo ṣì ń lo ibi ìpamọ́ náà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lò ó? Láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, bí mo bá tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà mi, ohun tí ìkànnì yín ń sọ ni pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayálégbé tó ti kó ẹrù jáde, tí onílé ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ mọ́ lẹ́yìn, kò yẹ kó tún máa san owó ilé.

Ẹni kan náà ní ẹ lè fún mi ní oṣù mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́ dípò owó náà. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n n kò fẹ́. Ohun tí mo ti kúrò nínú rẹ̀ kò lè di owó mi.

Nítorí náà, kó tó di ọjọ́ 26, oṣù Karùn-ún yìí, ẹ dá gbogbo owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sórí káàdì tí ẹ ti gbà á, láìyọ kọ́bọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ẹ pa nọ́ńbà káàdì mi rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ yín, kí ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà má bàa tún di ọjọ́ owó, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti ṣe é. Ẹ má sọ fún mi lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ orí fóònù yín ti tó mi.

Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá tí n kò rí owó, báńkì mi ni yóò bá mi gbà á. Káàdì Visa ni mo fi ń sanwó, irú ọ̀rọ̀ yìí sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ìlànà wọn, 13.2: owó tí oníṣòwò ń yọ déédéé, tó ṣì ń yọ ọ́ lẹ́yìn tí oníbàárà ti fagi lé e. 120 ọjọ́ ni wọ́n fún oníbàárà láti fi pe irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́, ti oṣù Kẹta pàápàá kò sì tíì kọjá àsìkò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oníṣòwò tí ẹjọ́ rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ báńkì máa ń san owó ìtanràn lé e. Bí báńkì kò bá sì yanjú rẹ̀, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Mo so ẹ̀dà ímeèlì ọjọ́ 14 oṣù Kejì mọ́ lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ìwé báńkì tó fi owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn, àwòrán ohun tí ìkànnì yín ń sọ bí mo bá fẹ́ wọlé, àti èsì tí òṣìṣẹ́ yín kọ sí mi. Àdírẹ́sì ímeèlì tí ẹ fi kọ̀wé ìfagilé náà ni kí ẹ fi dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà 40713358.